Níbo Ni Ìdajì Kílórínì Ti Wá? Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìwúwo Átọ̀mù Láti Ara Àwọn Ísótópù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń jókòó tì wọ́n lálẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Kábà, ìbéèrè kan kì í yẹ̀. Bí mo bá ti gbé tábìlì píríọ́díkì kọ́ ara ògiri, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa ń nawọ́ sókè: "Máà, ẹ ní inú átọ̀mù, púrótọ́ọ̀nù kì í lábọ̀, niútírọ́ọ̀nù kì í lábọ̀. Àbọ̀ kí ló wá wà lára kílórínì tí wọ́n fi kọ 35.5?" Ìbéèrè ọmọ tó ń ronú ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti béèrè rẹ̀ níbòmíràn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n kàn kọ́ ọ sórí.

Ẹ má kọ́ ọ sórí. Ẹ tẹ̀lé mi, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín ṣe é jáde. Kílórínì ni màá dì mú jù lọ, nítorí pé ísótópù rẹ̀ tí a ń bá pàdé nínú ayé kò ju méjì lọ, ó sì wà nínú iyọ̀ tí gbogbo wa ń jẹ.

## Ohun tí ẹ ó mú sọ́wọ́

- Tábìlì píríọ́díkì tó kọ ìwúwo dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ààmì. Èyí tó kọ 35.45 sàn ju èyí tó kọ 35.5 lọ.
- Bírò, ìwé, àti ẹ̀rọ ìṣírò. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ lè fi orí ṣe é.
- Ọmọ ayò mẹ́rin. Ẹ ó mọ ohun tí wọ́n wà fún tó bá yá.

## Ẹ kọ́kọ́ ya nọ́ńbà mẹ́ta sọ́tọ̀

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú ni pé nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀kan pe èkejì.

1. Nọ́ńbà átọ̀mù. Iye púrótọ́ọ̀nù nìyí. Ti kílórínì jẹ́ 17. Òun ló fi kílórínì ṣe kílórínì. Bí ẹ bá fi púrótọ́ọ̀nù kan kún un, ó ti di ágọ́ọ̀nù nìyẹn, kì í ṣe kílórínì mọ́.
2. Nọ́ńbà ìwúwo. Púrótọ́ọ̀nù pẹ̀lú niútírọ́ọ̀nù, ẹ kà wọ́n pọ̀. Nítorí pé kíkà ni, kò lè ní ààmì láéláé. Átọ̀mù kan ṣoṣo la fi ń pè é.
3. Ìwúwo átọ̀mù orí tábìlì. Èyí kì í ṣe ti átọ̀mù kan ṣoṣo. Ó jẹ́ ìpíndọ́gba gbogbo átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì náà, bí a ṣe ń bá wọn pàdé nínú ayé. Ibí ni ààmì ti ń wọlé.

Ísótópù wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Átọ̀mù kílórínì gbogbo ní púrótọ́ọ̀nù 17, ṣùgbọ́n niútírọ́ọ̀nù wọn kò dọ́gba. Àwọn kan ní 18, nọ́ńbà ìwúwo wọn sì di 35. Àwọn yòókù ní 20, tiwọn di 37. A ń pe àwọn méjèèjì ní kílórínì-35 àti kílórínì-37, wọ́n sì jẹ́ ísótópù ara wọn.

Ẹ ó béèrè pé, bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì, ṣé wọn kò ní ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ara wọn ni? Ní ti kẹ́mísìrì tí à ń ṣe ní kíláàsì, rárá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń pinnu ohun tí átọ̀mù yóò bá dara pọ̀, méjèèjì sì ní 17. Niútírọ́ọ̀nù wà ní kókó àárín átọ̀mù níbi tó ti ń fi ìwúwo kún un, kò sì bá sódíọ̀mù ṣòwò. Nínú iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ yín lálẹ́ yìí, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ahọ́n kò sì lè yà wọ́n.

## Àpò kajú mẹ́rin

Kí a tó fọwọ́ kan ìṣírò, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kajú. Ẹni tó bá dàgbà ní ìhà Ìyàrá tàbí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ti rí i bí wọ́n ṣe ń gbé àpò sórí òṣùwọ̀n lákòókò kajú.

Ká ní ẹ gbé àpò kékeré mẹ́rin wá. Mẹ́ta nínú wọn wọn kílò 35 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹrin wọn kílò 37. Oníbàárà ní, "Mélòó ni àpò yín máa ń wọn, ká pín in dọ́gba?" Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: 35 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 105, pẹ̀lú 37 ó di 142. Ẹ pín in sí mẹ́rin, 35.5 ni.

Ẹ wo àwọn àpò náà padà. Èwo ló wọn 35.5 nínú wọn? Kò sí. Síbẹ̀ ẹni tó bá fi 35.5 ṣírò iye kílò tó wà nínú ẹgbẹ̀rún àpò bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ gbèsè. Ohun tí nọ́ńbà orí tábìlì wà fún gan-an nìyẹn: kò sọ bí átọ̀mù kan ṣe wúwo, ó ń jẹ́ kí a lè wọn ọ̀pọ̀ átọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ ṣíbí kan ní átọ̀mù kílórínì tí ẹnìkan kò lè kà tán, ẹ kò sì ní rí kílórínì-35 nìkan bù nínú rẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí i pé ìdáhùn kì í ṣe 36. 36 ni yóò jẹ́ bí àpò méjèèjì bá pọ̀ dọ́gba. Àpò 35 pọ̀ jù, ó sì fa ìpíndọ́gba sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ ìṣírò náà

Ní ti kílórínì gidi, nínú átọ̀mù ọgọ́rùn-ún, 75.76 jẹ́ kílórínì-35, 24.24 jẹ́ kílórínì-37. Àwọn nọ́ńbà yìí la ń pè ní ìpín àdánidá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àpò kajú wa.

1. Ẹ kọ ísótópù kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀ àti ìpín rẹ̀.
2. Ẹ ro ìpín wọn pọ̀. 75.76 + 24.24 = 100. Bí kò bá pé 100, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣi nọ́ńbà kọ, tàbí pé ísótópù kan ṣẹ́kù, tàbí pé kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún yín. A ó dé ibẹ̀.
3. Ẹ sọ ìwúwo kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Ìlà kan, ìdáhùn kan. Ẹ má tíì rò wọ́n pọ̀.
4. Ẹ ro àwọn ìdáhùn náà pọ̀.
5. Ẹ pín in sí 100.
6. Ẹ ge é kù sí iye nọ́ńbà tí wọ́n béèrè, ní ìparí nìkan.

Bó ṣe máa rí lórí ìwé nìyí, pẹ̀lú ìwúwo tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn:

```
34.969 × 75.76 = 2649.25
36.966 × 24.24 =  896.06
                 -------
                 3545.31
3545.31 ÷ 100  =   35.45
```

35.45. Ẹ wo tábìlì yín, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá gé e sí nọ́ńbà kan lẹ́yìn ààmì, ó di 35.5, òun ni èyí tí ìwé ìdánwò Wáẹ̀kì àti Jámbù sábà máa ń lò.

Ẹ ó rí i pé mo kọ 34.969, n kò kọ 35. Bí ó bá jẹ́ 35 àti 37 lásán ni wọ́n fún yín, ẹ lo ohun tí wọ́n fún yín. Yóò jẹ́ 35.48, èyí tó ṣì di 35.5 bí ẹ bá gé e. Nínú ìṣírò tó ń lọ síwájú báyìí, ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Bí ìṣírò bá ń padà sẹ́yìn ni ó máa ń ṣe ìkà, màá fi hàn yín.

### Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìṣírò

Ẹ dúró lórí èyí tó fúyẹ́ jù, kí ẹ sì ka iye tí àwọn yòókù fi ju ú lọ nìkan. Kílórínì-37 fi 2 ju kílórínì-35. Ẹ̀ẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún, àti díẹ̀, ló sì ní àjùlọ yẹn:

```
35 + (2 × 24.24 ÷ 100) = 35 + 0.48 = 35.48
```

Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ kéré, àṣìṣe kò sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ wò ó lórí magínísíọ́mù, tó ní ísótópù mẹ́ta: 24 jẹ́ ìdá 78.99, 25 jẹ́ ìdá 10.00, 26 jẹ́ ìdá 11.01 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ dúró lórí 24. Èyí tó jẹ́ 25 mú 0.10 wá, èyí tó jẹ́ 26 mú 2 × 0.1101 wá, ìyẹn 0.22. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.32, tábìlì sì kọ 24.31. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn wá láti inú pé a lo 24, 25 àti 26 dípò ìwúwo gidi.

## Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ìdáhùn yín kò dára

Kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

- Ṣé ó wà láàárín èyí tó fúyẹ́ jù àti èyí tó wúwo jù? Kílórínì kò gbọdọ̀ kéré ju 35, kò sì gbọdọ̀ ju 37.
- Ṣé ó súnmọ́ èyí tó pọ̀ jù? Bí ẹ bá rí 36.5 fún kílórínì, ẹ ti pààrọ̀ ìpín méjèèjì fún ara wọn.
- Ṣé ó tóbi lọ́nà ìyanu? 3545 túmọ̀ sí pé ẹ gbàgbé láti pín in sí 100. 0.35 túmọ̀ sí pé ẹ pín in lẹ́ẹ̀mejì: ẹ ti sọ 75.76 di 0.7576 ṣáájú, ẹ tún wá fi 100 pín in.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ń ṣe. Wọ́n á wo fàdákà lórí tábìlì, wọ́n á rí 107.87, wọ́n á gé e sí 108, wọ́n á yọ púrótọ́ọ̀nù 47 kúrò, wọ́n á sì kọ pé fàdákà ní niútírọ́ọ̀nù 61. Bẹ́ẹ̀, fàdákà-108 kò sí nínú fàdákà tí a ń wà nínú ilẹ̀. Fàdákà-107 àti fàdákà-109 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ìpíndọ́gba wọn fi bọ́ sítòsí 108. Niútírọ́ọ̀nù wọn jẹ́ 60 àti 62. Kò sí èyí tó ní 61. Ìwúwo orí tábìlì kò lè sọ iye niútírọ́ọ̀nù fún yín. Nọ́ńbà ìwúwo ísótópù tí wọ́n dárúkọ nìkan ló lè sọ ọ́.

## Bí wọ́n bá fún yín ní àwòrán igi gíga-gíga

Ẹ̀rọ kan ló ń sọ ìpín àdánidá fún wa. Ó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù, á sì ta á gba inú òòfà kọjá. Èyí tó fúyẹ́ máa ń tẹ̀ púpọ̀, èyí tó wúwo máa ń tẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n ń bọ́ sí kò dọ́gba. Ó wá ń ka iye tó bọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan, á sì fà á bí igi tó dúró: igi gíga fún èyí tó pọ̀, igi kúkúrú fún èyí tó kéré.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n sábà máa ń pe igi tó ga jù ní 100, wọ́n á sì fi òun wọn àwọn yòókù. Ti kílórínì máa ń jẹ́ 100 fún 35, àti 32 fún 37. Ọmọ tó ti há "ẹ pín in sí ọgọ́rùn-ún" sórí yóò ṣe é báyìí: 3500 + 1184 = 4684, pín in sí 100, ó di 46.84. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Bí ó bá ti ro ìpín pọ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì, ìbá ti rí i pé 132 ni, kì í ṣe 100. Nítorí náà:

```
(35 × 100 + 37 × 32) ÷ 132 = 4684 ÷ 132 = 35.48
```

Àpapọ̀ ìpín la máa ń fi pín in, ohunkóhun tí àpapọ̀ náà bá jẹ́. Ọgọ́rùn-ún kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

## Ẹ mú ọmọ ayò mẹ́rin wá

Kílórínì kì í dá gbé. Nínú gáàsì rẹ̀, átọ̀mù méjì-méjì ló ń so pọ̀, Cl₂. Gbogbo ìwé ló sọ pé mólékù Cl₂ wọn 71, nítorí pé 35.5 lọ́nà méjì ni. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá a lè rí mólékù kan tó wọn 71.

1. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọmọ ayò kan. Òun ni kílórínì-37. Mẹ́ta yòókù jẹ́ kílórínì-35.
2. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ mi àpò náà, kí ẹ tó mú èkejì. Bí ẹ kò bá dá a padà, ẹ kò lè mú 37 lẹ́ẹ̀mejì láéláé, eré náà yóò sì purọ́ fún yín.
3. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Mólékù kan nìyẹn. Ẹ ṣe é títí tí ẹ ó fi ní ọgọ́rin mólékù. Kíláàsì lè pín in láàárín ara wọn.

Nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ lè rí: 70, 72, 74. Ẹ kò lè rí 71, bó ti wù kí ẹ ṣe é tó. Nínú mólékù mẹ́rìndínlógún, ohun tí ẹ lè retí ni 70 lọ́nà mẹ́sàn-án, 72 lọ́nà mẹ́fà, 74 lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí 72 fi jẹ́ mẹ́fà ni pé ọ̀nà méjì ló ń gbà wá: 35 lè ṣíwájú, 37 náà sì lè ṣíwájú. Nínú ọgọ́rin, ìyẹn jẹ́ bíi márùndínláàádọ́ta, ọgbọ̀n àti márùn-ún. Tiyín kò ní bọ́ sí i géérégé, ṣùgbọ́n yóò súnmọ́ ọn. Ẹ̀rọ olóòfà yẹn náà, bí wọ́n bá fi gáàsì kílórínì sínú rẹ̀, igi mẹ́ta yìí ló máa ń fà níbi 70, 72 àti 74, ní mẹ́sàn-án sí mẹ́fà sí ọ̀kan.

Ẹ wá ṣírò ìpíndọ́gba wọn:

```
(70×9 + 72×6 + 74×1) ÷ 16 = 1136 ÷ 16 = 71
```

71 jáde. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi dìde dúró nígbà tó rí i, ó ní, "Máà, àpò kajú náà ni!" Òun náà ni.

## Bí ìṣírò bá padà sẹ́yìn

Ìgbà mìíràn, wọ́n á fún yín ní ìwúwo orí tábìlì, wọ́n á ní kí ẹ wá ìpín ísótópù. Ẹ jẹ́ kí a lo bàbà. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 63.546. Ísótópù méjì ló ní, tí wọ́n wọn 62.930 àti 64.928.

1. Ẹ pe ìpín èyí tó fúyẹ́ ní x. Ti èkejì di 100 − x, nítorí pé méjì péré ni wọ́n. Ẹ má pè é ní y. Àwọn tó pè é ní y ló ń há sójú ọ̀nà.
2. Ẹ kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ìṣírò ti iwájú.
3. Ẹ tú u.

```
62.930x + 64.928(100 − x) = 6354.6
6492.8 − 1.998x = 6354.6
1.998x = 138.2
x = 69.17
```

Ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, àti díẹ̀, jẹ́ bàbà-63, ìdá 31 ó dín díẹ̀ jẹ́ bàbà-65. Òótọ́ ni, bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á nìyẹn.

Ẹ wá wo ìkà tí mo sọ. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 63.5, 63 àti 65, bí ìbéèrè ìdánwò ṣe máa ń gbé e wá. 65 yọ 63.5 kúrò jẹ́ 1.5, ẹ pín in sí 2, ó di ìdá 75. Ó ti fi mẹ́fà yàtọ̀ sí òótọ́! Bẹ́ẹ̀ ohun tí a gé kúrò lára ìwúwo kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó fà á ni pé gbogbo àyè tó wà láàárín ísótópù méjèèjì kò ju 2 lọ, nítorí náà gígé kékeré gba ibi ńlá nínú rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Nínú ìdánwò, nọ́ńbà tí wọ́n fún yín ni kí ẹ lò. Bí 75 bá jáde láti inú rẹ̀, ẹ kọ 75, ẹ ó gba máàkì yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bàbà bó ṣe wà gan-an, ẹ má gé nọ́ńbà kankan títí ẹ ó fi parí.

Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún ísótópù mẹ́ta bíi ti magínísíọ́mù, àfi bí wọ́n bá ti sọ ìpín ọ̀kan fún yín. Ẹ kò lè fi ìdọ́gba kan wá ohun méjì tí ẹ kò mọ̀.

## Ibi tí àdàlú kọ́ ló fa ààmì

Bí ẹ bá ti yege dé ibí, ẹ ó fẹ́ máa sọ pé gbogbo ààmì orí tábìlì, àdàlú ísótópù ló fà á. Ẹ rọra. Wúrà tí àwọn èèyàn ń wà ní ilẹ̀ Yàgbà, lágbègbè Ìsánlú, ísótópù kan ṣoṣo ló ní, wúrà-197. Kò sí ohun tí a fẹ́ dà pọ̀. Síbẹ̀ tábìlì kọ 196.97.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí púrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù bá so mọ́ra ní kókó átọ̀mù, díẹ̀ nínú ìwúwo wọn máa ń bá agbára tó jáde lọ. Iye tó ń lọ yìí kò rí bákan náà nínú gbogbo átọ̀mù. Kábọ́ọ̀nù-12 ni ayé fi ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n ní kó jẹ́ 12 géérégé, kò sì sí átọ̀mù mìíràn tó tún bọ́ sórí nọ́ńbà pípé. Nítorí náà kílórínì-35 jẹ́ 34.969, wúrà-197 jẹ́ 196.967. Kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ jẹ́ 12.01 lórí tábìlì, nítorí pé nǹkan bí átọ̀mù kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù-13.

Bí ẹ ṣe lè yà wọ́n nìyí: bí nọ́ńbà orí tábìlì bá jìnnà sí nọ́ńbà pípé, bíi 35.45 tàbí 63.55, àdàlú ni. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí nọ́ńbà pípé, bíi 196.97, ẹ má pinnu. Ó lè jẹ́ ísótópù kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ méjì tí wọ́n pàdé láàárín bíi ti fàdákà. Àkọsílẹ̀ ísótópù ni kí ẹ yẹ̀ wò.

## Ìgbà tí tábìlì fúnra rẹ̀ kò lè sọ nọ́ńbà kan

Ìbéèrè kan ti ń wá sọ́dọ̀ mi láti ìhà Ẹ̀gbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń wá òkúta lítíọ́mù kiri: kí ló dé tí ìwé kan fi kọ lítíọ́mù ní 6.94, tí páálí kẹ́míkà kan sì kọ nǹkan mìíràn?

Lítíọ́mù ní ísótópù méjì. Lítíọ́mù-6 jẹ́ ìdá 7.59 nínú ọgọ́rùn-ún, lítíọ́mù-7 jẹ́ ìdá 92.41, ẹ sì lè fi ìwúwo wọn gidi, 6.015 àti 7.016, àti ìgbésẹ̀ mẹ́fà òkè yẹn rí 6.94. Ṣùgbọ́n ìpín yìí kì í dúró sójú kan bí ẹ bá ti kúrò níbi òkúta kan bọ́ sí òmíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan ń fa lítíọ́mù-6 yọ fún iṣẹ́ agbára átọ̀mù, wọ́n á sì ta èyí tó ṣẹ́kù sọ́jà. Lítíọ́mù bẹ́ẹ̀ wúwo ju ti àdánidá lọ. Àjọ kẹ́mísìrì àgbáyé kò wá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un mọ́. Wọ́n kọ ààlà méjì, láti 6.938 dé 6.997, wọ́n sì fi 6.94 sílẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣe ìṣírò lásán. Kílórínì náà ní ààlà tirẹ̀, 35.446 sí 35.457, ṣùgbọ́n ó há tó bẹ́ẹ̀ tí 35.45 ṣì fi ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wọn kẹ́míkà lítíọ́mù fún iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra, ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ara ògiri.

## Ẹ gbìyànjú méjì yìí

1. Bórọ́ọ̀nù ní ísótópù méjì: 10.013, ìdá 19.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àti 11.009, ìdá 80.1. Kí ni ìwúwo rẹ̀ lórí tábìlì?
2. Gálíọ́mù wọn 69.723. Ísótópù rẹ̀ méjèèjì wọn 68.926 àti 70.925. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tó fúyẹ́?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ 10.81. Èkejì jẹ́ 60.13. Bí ẹ bá rí 39.87 nínú èkejì, ìṣírò yín tọ̀nà, èyí tó wúwo lẹ kàn pè ní x.